Kíláàsì alẹ́ ní Akọka, iṣẹ́ n'Íkẹjà: ìgbà wo ni kí n máa kàwé?

Adéọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkáùntì ni mò ń ṣe n'Íkẹjà, aago mẹ́jọ sí márùn-ún. Àgége ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì alẹ́ ní Akọka: Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, oorun ti gbé mi kọjá bọ́ọ̀sìtóòpù mi lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Ìbejì: Aago méjì òru ni kí o máa jí, ọmọ mi. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Ìyá Màríà: Èmi nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tí mo máa bá pààrọ̀ ṣíìfù ni mo kọ́kọ́ wá. Ìwọ náà wá ẹnì kan.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀: Àkáùntì kì í ṣe ṣíìfù o, Ìyá Màríà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó délé ní mẹ́wàá, tó sùn ní mọ́kànlá, wákàtí mẹ́ta péré ló fi sùn tó bá jí ní méjì. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò nìyẹn wà fún. Tó bá fi ṣe odindi sẹ̀mẹ́sítà, ibi iṣẹ́ ni àṣìṣe máa ti kọ́kọ́ yọ.

Adéọlá, alẹ́ tí o bá ti lọ kíláàsì, má ṣí ìwé mọ́. Lọ́jọ́ kejì, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìsinmi ọ̀sán tún ohun tí o kọ kà, nígbà tó ṣì wà lórí rẹ. Ìṣẹ́gun, 7:30 sí 9:30, iṣẹ́ tí wọ́n fún yín ṣe. Ẹtì, sùn. Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, kọ́ọ̀sì tó le jù, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà àti aṣọ fífọ̀ tẹ̀ lé e. Àìkú, wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Tí àkókò rélùwéè bá bá tìrẹ mu, wọ̀ ọ́ láti Ìkẹjà dé Yábàá, kí o tó wá ọkọ̀ Akọka.

Adéọlá: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìparí oṣù ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, aago mẹ́jọ alẹ́ la ń kúrò ní ọ́fíìsì.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀: Ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà! Ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kì í wọlé ìdánwò. Kọ́ọ̀sì tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á jẹ́ 15 láàárín ọ̀sẹ̀ 15. Pa mẹ́ta jẹ, 12 kù, ó tó. Pa mẹ́rin jẹ, 11 ò tó. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà o, wọn kì í pa á pọ̀. Ṣí kàlẹ́ńdà, wo ọjọ́ tí ìparí oṣù bọ́ sí.

Bàbá Ìbejì: Ẹlòmíì á bá a buwọ́ lùwé.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀: Bàbá! Wọ́n ń pe orúkọ.

Adéọlá: Mo ti wò ó. Ti Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta ni ìparí oṣù máa jẹ nínú rẹ̀. Tí ibà bá wá mú mi lọ́jọ́ kan péré, ó parí nìyẹn. Ṣé kí n bẹ ọ̀gá mi pé kí n máa wọlé ní méje Ọjọ́bọ̀, kí n jáde ní mẹ́rin?

Ìyá Màríà: Ọ̀gá rẹ á gbà láwọn ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìparí oṣù ni mi ò mọ̀.