Wọ́n ní kọ́ntíróò ṣáàtì mi dára jù, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà padà fún mi

Ọmọ Ìṣọkún (ẹni tó béèrè):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni orí ti ń fọ́ mi. Olùkọ́ kan fún wa níṣẹ́ pé ká lọ bá ilé iṣẹ́ kan, ká ya àwòrán egungun ẹja tó ń to ohun tó lè fa ìṣòro, ká ṣe ṣáàtì Pàrétò tó ń to ìṣòro láti orí èyí tó ga jù, ká sì ṣe kọ́ntíróò ṣáàtì tó ń fi ìlà àárín àti ààlà òkè òun ìsàlẹ̀ ṣọ́ bóyá iṣẹ́ ń yí padà. Ogún ọjọ́ gbáko ni mo fi wọ mọ́tò láti Ifẹ̀ lọ wọ̀n ìgé fúláwà ní ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà. Òjò pa mí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà gbé mi ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo di síkéèlì tí mo yá mọ́ra bí ọmọ kí ó má baà fọ́. Òru mẹ́ta ni mo fi ya egungun ẹja yẹn, mo kùn ún láwọ̀ mẹ́rin. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan jókòó sílé, ó da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, wọ́n sì fún un ní máàkì.

Tèmi ni wọ́n fi bírò pupa kọ sí lára pé: “Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àmì rẹ lẹ̀ mọ́ ìlà àárín. Tún un ṣe.” Lábẹ́ egungun ẹja, wọ́n kọ ọ́ pé: “Èwo nínú ìwọ̀nyí lo fojú ara rẹ rí?” Ẹ̀yin ará, mi ò hùmọ̀ nọ́ńbà kankan. Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Àbí ọkùnrin yìí kórìíra mi ni?

Ìyá Ìbejì:
Kí ló gbé ọ dé Iléṣà? Ṣé kò sí ilé búrẹ́dì ní Lagere ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń wá wàhálà sára yín, ẹ ó wá ní ẹnìkan kórìíra yín.

Ọmọ Ìṣọkún:
Mà, ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ni ilé búrẹ́dì náà. Níbòmíràn, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan wọn.

Ẹńjìnnì Kékeré:
Mo ti rí ibi tó ti bà jẹ́. Ààlà tó o fà ni kò dáa. Bi ẹni tó ni búrẹ́dì pé gíráàmù mélòó ló fẹ́. Bó bá ní 800, tó sì gbà kó fi 20 lé tàbí kó fi 20 dín, fa ìlà òkè sí 820, kó o fa tìsàlẹ̀ sí 780. Àwọn àmì kan á bọ́ síta. Ó tán.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń bí. Inú nọ́ńbà tí ìwọ fúnra rẹ wọ̀n ni ààlà ṣáàtì ti ń jáde. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ irú ìlà yìí nílé iṣẹ́ ọṣẹ.

Ẹńjìnnì Kékeré:
Ẹ̀gbọ́n, ta wá ni iṣẹ́ náà wà fún, bí kì í bá ṣe oníbàárà?

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Mi ò ní ẹ pa oníbàárà tì. Búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ni 780 àti 820 yẹn ń ṣọ́. Àmì kan lórí ṣáàtì ọmọ yìí, ìpíndọ́gba búrẹ́dì márùn-ún ni. Bí ọ̀kan bá wúwo jù, tí èkejì fúyẹ́ jù, ìpíndọ́gba wọn á bọ́ sáàárín, á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ ò lè fi ààlà ẹyọ kan dá ìpíndọ́gba márùn-ún lẹ́jọ́.

Ọmọ Ìṣọkún, sọ fún mi: mélòó lò ń wọ̀n lójúmọ́, báwo lo sì ṣe ń mú wọn? Kọ ti ọjọ́ kan síbí.

Ọlọ́mi Inú Ọ̀rá:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwa náà ṣe Pàrétò nígbà tí mo wà nílé ìwé, lórí omi inú ọ̀rá. Ọ̀rá tó ń jò ló ga jù nígbà tá a kà á níye. Nígbà tá a wá fi owó kà á, omi tí àwọn oníṣòwò dá padà ló gba iwájú. Ohun tó o bá yàn láti kà ló ń pinnu igi tó máa ga jù.

Ọmọ Ìṣọkún:
Ẹ ṣé, sà. Kì í ṣe Pàrétò ni ìṣòro mi. Márùn-ún ni mò ń wọ̀n lójúmọ́, fúláwà pípò tí wọ́n ti gé, kí wọ́n tó gbé e sínú agolo. Ọjọ́ kìíní: 798, 803, 800, 841, 838. Ìpíndọ́gba 816. Àlàfo tó wà láàárín èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ 43. Mo pín àlàfo ogún ọjọ́ dọ́gba, ó jẹ́ 48.6. Mo fi 0.577, nọ́ńbà tí wọ́n kọ́ wa pé ká lò fún márùn-ún, sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún mi ní 28, ìyẹn ni mo fi kún ìlà àárín, tí mo sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìlà àárín 814, ààlà òkè 842, tìsàlẹ̀ 786. Kò sí àmì kankan tó kọjá 820, kò sì sí èyí tó wá sísàlẹ̀ ju 806 lọ. Èwo ló wá burú níbẹ̀?

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Tún nọ́ńbà ọjọ́ kìíní wò, kó o fọkàn balẹ̀. Mẹ́ta wà nítòsí 800, méjì wà nítòsí 840. Kò sí ọ̀kan láàárín wọn. Níbo lo ti ń mú wọn?

Ọmọ Ìṣọkún:
Tábìlì méjì ló wà. Mò ń mú mẹ́ta lórí tábìlì ńlá, mo sì ń mú méjì lórí tábìlì tuntun. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tá a bá mú gbọ́dọ̀ ṣojú gbogbo ilé iṣẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lejò wà. Bó bá jẹ́ pé bí búrẹ́dì gbogbo ilé iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó ní ìpíndọ́gba lò ń wá, ohun tó o ṣe dára. Fún ṣáàtì yìí, ó yẹ kí márùn-ún tó o mú jọra bí ìbejì: tábìlì kan, ọwọ́ kan, wákàtí kan. Ìdí ni pé àlàfo inú àwọn márùn-ún yẹn la fi ń fa ààlà. Ìwọ ti ki ìyàtọ̀ tábìlì méjì bọ inú àlàfo náà. Ogójì gíráàmù tó wà láàárín tábìlì kan àti èkejì lo ń wọ̀n lójoojúmọ́, tó o sì ń pè é ní ìyàtọ̀ ìgé kan sí èkejì. Ààlà rẹ wá fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn àmì rẹ sì ń rìn láàárín ọ̀nà, nítorí ojoojúmọ́ ló o ń mú mẹ́ta àti méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìpíndọ́gba ń bọ́ síbì kan náà. Ohun tí olùkọ́ rẹ rí nìyẹn. Kò pè ọ́ ní òpùrọ́.

Tún un ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́ta ló kù fún tábìlì ńlá báyìí, kì í ṣe 0.577 mọ́, 1.023 ni. Ti tábìlì kejì jẹ́ 1.880, ṣùgbọ́n méjì lójúmọ́ kéré, má fọ́nnu lórí rẹ̀.

Bọ́ị̀sì Mayfair:
Ọjọ́bọ̀ ni nǹkan yìí o. Kó fi bírò yí ọjọ́ méjì padà, kí àmì méjì bọ́ síta, olùkọ́ á gbà pé òótọ́ ni.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Jẹ́ kí n má tíì dáhùn ìwọ.

Màmá Onígbúrẹ́dì:
Ẹ má fi ẹnu ba àwa oníbúrẹ́dì jẹ́ o! Ṣé ẹ mọ iye tí àpò fúláwà kan jẹ́ báyìí? Tí tábìlì kan bá ń gé e kéré ju èkejì lọ, ẹ wo àwo síkéèlì wọn. Àwọn ọmọ kì í nù ún. Fúláwà á gbẹ mọ́ ọn lára, síkéèlì á máa ka èyí tó gbẹ mọ́ ìgé, búrẹ́dì á máa kéré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan kan. Èmi ni mò ń fi ọ̀bẹ ha tèmi láràárọ̀.

Ọmọ Ìṣọkún:
Mo ti ṣe tábìlì ńlá lọ́tọ̀. Àlàfo rẹ̀ kò ju 6 lọ ní ìpíndọ́gba. Ìlà àárín 796, ààlà 802 àti 790. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹrìnlá, òkè ìlà àárín ni gbogbo wọn wà. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo wọn jábọ́ sí nǹkan bí 788, lábẹ́ ààlà, títí dé ogún.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Ó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lọ wo ṣáàtì rẹ àtijọ́ náà, wàá rí i pé mẹ́rìnlá wà lókè ìlà àárín, mẹ́fà wà nísàlẹ̀. Àmì kì í dúró di ìgbà tó bá bọ́ síta kó tó ké. Mẹ́jọ tẹ̀ léra lápá kan ti tó láti béèrè.

Màmá, ọ̀rọ̀ àwo síkéèlì yín dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbẹ mọ́ àwo máa ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí já bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnìkan ló yí nǹkan kan padà. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún?

Màmá Onígbúrẹ́dì:
Tàbí wọ́n pààrọ̀ síkéèlì. Ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

(Wákàtí mẹ́ta kọjá.)

Ẹńjìnnì Kékeré:
Ó ti sá lọ.

Ọmọ Ìṣọkún:
Mi ò sá. Mò ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ní kí wọ́n dín ìgé tábìlì ńlá kù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí fúláwà. Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Wọn ò fọwọ́ kan tábìlì tuntun, nítorí ilé ìwé kan ló ń gba ti ibẹ̀, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbà á. Ìdí tó fi ń wúwo ju tábìlì ńlá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ìwọ mọ̀ láti òwúrọ̀, o ń bi wá! Àbúrò mi ń ra búrẹ́dì lọ́jà Àtàkúmọ̀sà. Iye owó náà ńkọ́, ṣé ó dínkù?

Ọmọ Ìṣọkún:
Rárá, mà.

Màmá Onígbúrẹ́dì:
Ẹni tí kò bá tíì san owó dísù sínú jẹnẹrétọ̀ rí, kó má dá a lẹ́jọ́.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Ẹ fi ìjà búrẹ́dì sílẹ̀ ná. Ọmọ Ìṣọkún, lórí egungun ẹja tó o fi òru mẹ́ta ya, ṣé àṣẹ ọ̀gá wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìṣọkún:
Kò sí. Mo kọ ooru, iná tó ń lọ, síkéèlì, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọ́ràn.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
O wá rí ìdí tí wọ́n fi bi ọ́ pé èwo lo fojú ara rẹ rí. Èyí tó o rí, o fi pamọ́. Èyí tí o kò rí, o dì í ru àwọn ọmọ tó ń gé fúláwà. Ya egungun kan ṣoṣo tó dá ọ lójú, kó o so ó mọ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún: “wọ́n yí ìwọ̀n ìgé padà”. Kó o má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹńjìnnì Kékeré:
Àbí kó kàn yọ ọjọ́ mẹ́fà yẹn kúrò. Mẹ́rìnlá tó.

Àgbà Ilé Iṣẹ́:
Tó bá yọ wọ́n láti fa ààlà, tó sì tún gbé wọn padà sórí rẹ̀ kí ènìyàn rí wọn, mo gbà. Tó bá yọ wọ́n kúrò pátápátá, irọ́ ni.

Ọmọ Ìṣọkún:
Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò tilẹ̀ dárúkọ, sítáńpù ilé búrẹ́dì wà lórí ìwé ogún ọjọ́ náà. Wọ́n ní ká fi ṣọwọ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Màmá mi ló ń pè mí yìí, ẹ jẹ́ kí n gbé e.