Ọ̀rọ̀ wo ni mo lè lò yàtọ̀ sí "pọ̀ sí i" àti "dín kù"?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìròyìn ọjà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Lórí àtẹ ìlà, ìrẹsì tí a tà kúrò ní àpò 120 sí 126 ní oṣù kọkànlá, ó di 240 nígbà Kérésì, ó wá bọ́ sí 90 ní oṣù kìíní. Bí mo bá kọ "pọ̀ sí i" fún 126 àti 240, ìyàtọ̀ wọn ò hàn. Mo fẹ́ lo "rọra gòkè" fún ti àkọ́kọ́, kí n lo "fò sókè" fún èkejì. Fún 90, ṣé "já wálẹ̀" ló dáa, àbí "lọ sílẹ̀"? Lójú tèmi, "lọ sílẹ̀" ti rọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń kọ níbi tí ìlà bá tẹ́jú?