Ìbéèrè: ọlọ́kadà tó mutí, èrò tí kò dé akoto. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Mojí: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní òfin tọ́ọ̀tì, ìyẹn òfin bí ẹni tó ṣe ẹlòmíràn léṣe ṣe ń sanwó fún un, máa ń dá ènìyàn dúró, á ju ìbéèrè lù ọ́, o sì gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó ka oókan dé ẹẹ́wàá. Lánàá ó kàn mí. Ó ní: "Ọkùnrin kan rí i pé ọlọ́kadà ti mu ògógóró, síbẹ̀ ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kò dé akoto. Ọ̀kadà kọlu òpó iná, ẹsẹ̀ èrò kán. Kí ni ọlọ́kadà lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀?" Mo ní: "Fólẹ́ńtì, sà: ẹni tó fínnúfíndọ̀ gba ewu kò lè béèrè owó. Ó mọ̀, ó sì gbà." Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo yáa ní kò dé akoto. Ó ní ìyẹn tún burú jù, ó kọjá sí ẹni tó kàn. Ọjọ́bọ̀ la tún máa ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Dèjì: Èrò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí náà kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹjọ́ Butterfield àti Forrester, 1809: wọ́n fi òpó dábùú ọ̀nà, ẹlẹ́ṣin sáré àsápajúdé kọlù ú, ilé ẹjọ́ kò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Dèjì, òótọ́ ni ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òfin ti kúrò níbẹ̀. Láti 1945 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí adájọ́ gé owó olùpẹjọ́ bí ẹ̀bi rẹ̀ bá ṣe tó, kó má gbà á tán. Èkó náà ní òfin tirẹ̀ lórí èyí.

Mojí, "ó mọ̀" yàtọ̀ sí "ó gbà". Èrò mọ̀ pé ọlọ́kadà mutí. Ṣé ó wá gbà pé bó bá ṣe òun léṣe, òun ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀? Wo Dann àti Hamilton, 1939. Obìnrin náà mọ̀ pé awakọ̀ ti mutí. Ẹnìkan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ó ní àyà àwọn tó kù le ju tòun lọ. Obìnrin yìí kò sọ̀. Jàǹbá ṣẹlẹ̀, awakọ̀ kú. Adájọ́ ní fólẹ́ńtì kò dúró, obìnrin náà sì gba owó rẹ̀. Kí fólẹ́ńtì tó dúró, ewu náà gbọ́dọ̀ hàn gedegbe, bíi ti Morris àti Murray: awakọ̀ òfuurufú mu ọtí tó tó ife wisikí 17, olùpẹjọ́ bá a mu, ó tún bá a ṣètò ọkọ̀ náà kó tó gbéra. Òun ló pàdánù gbogbo ẹ̀.

Ti akoto, orí ni wọ́n ń dé e sí. Ẹsẹ̀ ló kán! Nínú O'Connell àti Jackson, 1972, wọ́n gé ìdá 15 nínú 100 torí pé orí ni ọgbẹ́ wà, akoto ì bá sì dín in kù. Ọ̀gá yín kàn fi akoto dẹ pàkúté ni.

Ohun tó kù ni pé kò ṣọ́ra tó nígbà tó gun ọ̀kadà ọ̀mùtí. Ní Owens àti Brimmell, 1977, àwọn ọ̀rẹ́ méjì jọ ń mu láti ilé ọtí dé ilé ọtí, wọ́n gé ìdá 20 nínú 100 kúrò nínú owó èrò. Bí adájọ́ bá ní ẹsẹ̀ náà tó ₦2,000,000, tó sì lo ìwọ̀n yẹn, ₦1,600,000 ló máa gbà.

Ìyá Àbíkẹ́: Ẹ bá mi dá sí tèmi. Lọ́dún tó kọjá, iná ọyẹ́ ń bọ̀, ará oko kejì bá gé igi kòkó mi mẹ́rìnlá láti fi dá a dúró. Iná náà ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ṣé kò ní san owó igi mi?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ó lè ní òun kò rí ọ̀nà mìíràn. Ní Cope àti Sharpe, 1912, ọkùnrin kan jó lára igbó ẹlòmíràn kí iná má baà kọjá, àwọn mìíràn sì pa iná náà láìpẹ́. Síbẹ̀ ó jàre, torí bí ewu ṣe rí lójú rẹ̀ ní wákàtí yẹn ni adájọ́ wò. Àmọ́, ta ló dá iná náà?

Ìyá Àbíkẹ́: Ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n ní ó ń sun igbó.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Á, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Bó bá jẹ́ àìbìkítà tirẹ̀ ló fa ewu náà, ààbò yẹn ò ní gbà á. Bó bá sì jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kó àwọn ẹlẹ́rìí yín lọ bá lọ́yà tó wà nítòsí yín, mà.

Dèjì: Bó bá jẹ́ pé èrò ló ra ògógóró fún ọlọ́kadà ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Èmi á ṣì gé owó ni, kí gígé náà pọ̀ sí i.

Bàbá Ṣeun: Lọ́yà lèmi náà, mi ò gbà. Ẹni tó ra ọtí fún un, tó wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sún mọ́ Morris ju Owens lọ.

Mojí: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ gbọ́ tèmi wò: "Ó mọ ewu, kò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Akoto kò kan ẹsẹ̀. Ẹ gé owó rẹ̀ nítorí ọtí." Mo kà á, mi ò tíì dé ẹẹ́jọ tí mo fi parí.