Ògiri aládùúgbò mi wọ ilẹ̀ mi: kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ògiri tí aládùúgbò mi mọ fi sẹ̀ǹtímítà 45 wọ ilẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì la jọ fọwọ́ sí ìwé ààlà. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Mo pe sọ́féyọ̀ kó tún ilẹ̀ wọ̀n: òkúta ààlà ti wà lẹ́yìn ògiri, lọ́dọ̀ tirẹ̀!

Mo ti kọ lẹ́tà pé kó wó o láàárín ọjọ́ 30, mo so àwòrán ilẹ̀ mọ́ ọn. Ká sòótọ́, mo lè gbà kó ra ibi tó jẹ yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ìyẹn sínú lẹ́tà kan náà, ṣé kò ní fi hàn ní kóòtù pé mo ti yọ̀ǹda ilẹ̀? Àbí lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni kí n fi dá àbá yẹn?