Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí ìlù ọkàn yìí ti ń wá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń tọ́jú ọkàn. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kókó òkè ọkàn, níbi tí ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sinmi: bí iná rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi -60 mílífóòtì, sódíọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé nǹkan bíi -40, níbi tí kálísíọ̀mù yóò ti ya wọlé, tí ìlù kan yóò sì dún. Ìlù náà á dúró díẹ̀ ní kókó àárín kí yàrá ìsàlẹ̀ lè kún, lẹ́yìn náà ni yóò gba okùn ìsàlẹ̀ sáré lọ.

Lórí bébà ayẹ̀wò iná ọkàn tí wọ́n fún wa, ìgbì P, tó jẹ́ ti yàrá òkè, jẹ́ 80 ní ìṣẹ́jú kan. QRS, tó jẹ́ ti yàrá ìsàlẹ̀, jẹ́ 36 péré, ó fẹ̀, kò sì bá P kankan rìn. Mo gbà pé ọ̀nà ti dí pátápátá, àti pé sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, tó máa ń lọ́ra, tí kókó òkè sì máa ń ṣáájú nígbà gbogbo, ló wá gba iṣẹ́ ṣe.

Ohun tó dá mi dúró nìyí: ṣé fífẹ̀ QRS nìkan tó láti sọ pé yàrá ìsàlẹ̀ ni ìlù yìí ti wá? Ẹni tí ẹ̀ka okùn rẹ̀ kan ti dí tẹ́lẹ̀ lè ní QRS tó fẹ̀, bí ìlù tilẹ̀ ti ẹ̀bá kókó àárín wá. Ṣé bébà rẹ̀ àtijọ́ ni kí n kọ́kọ́ wá fi wé e, àbí iye 36 yẹn ni kí n gbára lé?