Kí la máa pe "ọkàn dáadáa sí iṣẹ́" lórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá fi ń ṣàyẹ̀wò òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní kí ọ̀gá fún ènìyàn ní máàkì, láti 1 dé 5, lórí bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí sí iṣẹ́. "Ìwà rere" ń dún bí ìwàásù létí mi, "ìhùwàsí" sì gbẹ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò?

Onítumọ̀: "Ìṣesí" ni. Ìwà ni ohun tí ènìyàn jẹ́, ìṣesí ni ohun tó ń ṣe. Ọ̀gá ò rínú, ìṣesí ló lè rí. Ẹ kọ "ìṣesí dáadáa", ó parí.

Ẹ̀gbọ́n: Àbúrò, ẹ ti dé ìdajì ọ̀nà. Àmọ́ tí ọ̀gá méjì bá ka "ìṣesí dáadáa", ọ̀kan ṣì lè fún ẹnì kan náà ní 2, kí èkejì fún un ní 5. Mo jókòó ti ọ̀gá kan rí tó kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ibi ìkẹ́rùsí pé ìṣesí rẹ̀ kò dára, ó sì fún un ní 2. Mo ní kí ló rí. Ó ní, "Ó máa ń jiyàn." Mo ní ọjọ́ wo, kí ló sọ, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ó ronú títí, ìgbà méjì péré ló rántí.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí páálí 38 ló kà, 40 ló sì wà nínú ìwé. Wọ́n tún un kà, 38 náà ni. Ní ìgbà kejì, ó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpàdé kan, onítọ̀hún ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi túká. Ẹ wò ó: ọ̀kan ò jẹ́ kí wọ́n sanwó ẹrù tí kò dé, èkejì jẹ́ àlébù, "jíjiyàn" ló sì gbé méjèèjì mì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ ní ìlà méjì, níbi tí ìlà kan ti wà tẹ́lẹ̀.

Ti ẹlòmíì tó fún ní 5 tún pa mí lẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni, wọ́n jọ ń ṣeré. Ìgbà tá a ṣí ìwé tí wọ́n fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ìgbà 6 láàárín oṣù kan ló ti lọ sílé láì kọ ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, àwọn tó gbaṣẹ́ sì ní láti ka ọjà lákọ̀tun. Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti rí irú èyí ní 1920 lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ológun: ọmọ ogun tí wọ́n bá ti kà sí rere, rere náà ni wọ́n ń kọ fún làákàyè rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀.

Tíṣà: Ṣé ọmọ ilé ìwé lẹ ń sọ ni? Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, wọ́n kọ sí mi pé n kò ní ẹ̀mí ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Mo béèrè ohun tí mo ṣe, wọ́n ní mo mọ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n: Òṣìṣẹ́ là ń sọ, mà, ṣùgbọ́n ti yín gan-an ló wọ̀ ọ́. Kí lẹ fẹ́ tún ṣe, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tí ẹ ṣe?

Onítumọ̀: Ó dáa, "ìṣe àfojúrí" ńkọ́? "Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà." Ojú rí ìyẹn.

Tíṣà: Ẹni tó ń dáhùn fóònù ńkọ́? Etí la fi ń mọ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n: Ẹ̀yin lẹ borí níbẹ̀, mà. Èmi á ní "ìṣe ẹlẹ́rìí". Ní ti ẹ̀rín, ojú rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló yí padà nínú iṣẹ́? Bóyá níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ó já mọ́ nǹkan. Mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ má sì kọ àbájáde nìkan. Ọjà lè má tà torí pé ẹrù ò dé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń tà á. Kí ọ̀gá kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ẹni tó dúró di oṣù Kejìlá, oṣù Kọkànlá ló máa rántí.

Olùbéèrè: "Ẹlẹ́rìí" ń dún bí kóòtù létí mi, ẹ̀gbọ́n. Mi ò sì láṣẹ láti pa ìlà àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi rẹ́. Màá fi "ìṣesí" sí i, màá wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àyè mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: Ọjọ́ wo? Kí ló ṣe? Kí ló yọrí sí?

Onítumọ̀: A jẹ́ pé ìṣesí mi ló wọlé!

Ẹ̀gbọ́n: Tí wọ́n bá fi àyè mẹ́ta náà sílẹ̀ lófìfo ńkọ́?