Iṣẹ́ tó ti kọjá gbèdéke: kí la ó máa pè é nínú Excel?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, Àkúrẹ́: Ẹ káàárọ̀ o. Mò ń to ìwé iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa sínú Excel, mo sì fẹ́ kí orí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ Yorùbá: ẹni tó ni iṣẹ́, ibi tó dé, ọjọ́ tó yẹ kó parí. Kí ni ká pe iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá? Mo fi «Ó ti pẹ́» sí ara ohun tí èèyàn lè yàn. Mo tún kọ `=$D2<TODAY()` kí ìlà náà lè pọ́n fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó ṣófo nìkan ló ń pọ́n. Iṣẹ́ tí mo fi 12/06/2025 sí àti èyí tí mo fi 13/06/2025 sí kò pọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ a ti wọ oṣù Keje.

Tíṣà èdè, Oǹdó: Ẹ má lo «olóhun» tàbí «ẹni tó ni ín» fún òpó yẹn. Ẹgbẹ́ ló ni iṣẹ́. Ẹni tí a gbé e lé lọ́wọ́ la ń wá. «Oníṣẹ́» náà kò dára, torí ẹni tí a rán níṣẹ́ lè jẹ́ oníṣẹ́, bí a bá sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn á ka ìṣẹ́ àti òṣì sí i. «Alábòójútó» ni mo fara mọ́. Ní ti ọjọ́, «ọjọ́ ìparí» ló wọ́pọ̀ jù, ẹ lò ó. Iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, «apẹ́» ni kí a pè é. Ó kúrú, ó sì wọ inú òpó tóóró.

Akápò àjọ ìfowópamọ́, Oǹdó: Ohun tí à ń pè é lọ́dọ̀ wa ni «gbèsè tó ti dé ọjọ́». Ṣùgbọ́n ìṣòro tiwa ni pé ẹlòmíràn á san ìdajì lọ́jọ́ tó yẹ. Ṣé kí ìlà tirẹ̀ pọ́n ni àbí kó má pọ́n? Mo rò pé kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn sí i, kó dà bí ọsàn.

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: Bàámi Akápò, gbèsè yàtọ̀ sí iṣẹ́. Iṣẹ́ lè parí tàbí kó má parí, ṣùgbọ́n owó a máa ku díẹ̀. Òpó «Ó kù» ni kí ẹ fi kún tiyín, kí òfin àwọ̀ yín sì máa wò ó bóyá iye inú rẹ̀ ju òdo lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Akọ̀wé. Ìdí tí ìlà tó ṣófo fi ń pọ́n ni pé òdo ni Excel ń ka àpótí òfìfo sí bí ẹ bá fi wé ọjọ́, òdo sì kéré sí ọjọ́ òní. Ìdí tí 13/06/2025 kò fi pọ́n yàtọ̀ sí èyí. Kọ̀ǹpútà yín ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á, oṣù ni wọ́n ń fi ṣíwájú. Kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà Excel kò gbà á bí ọjọ́, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ, kò sì ní kéré sí `TODAY()` láéláé. Ti 12/06/2025 ló léwu jù, torí ó gbà á wọlé wẹ́rẹ́, ó sì sọ ọ́ di ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá. Ìlà yẹn kò ní pọ́n títí di ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, kò sì sí ohun tó máa fi hàn yín pé nǹkan ṣe.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ọ̀rọ̀ a máa fara ti apá òsì àpótí, ọjọ́ gidi a máa fara ti ọ̀tún, àyàfi tí ẹ bá ti fọwọ́ tò ó sáàárín. Ẹ tún lè kọ `=ISNUMBER(D2)` sí ibi tó ṣófo. Bí ó bá mú FALSE wá, ọ̀rọ̀ ni. Láti tún èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe, ẹ mú òpó D, ẹ lọ sí Data, Text to Columns, ẹ tẹ Next lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yan Date, ẹ mú DMY, kí ẹ tó tẹ Finish. Èyí tó ti di oṣù Kejìlá ní tirẹ̀, ẹ fọwọ́ tún un kọ báyìí: 12-Jun-2025, kó má baà tún yí padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ìrísí òpó náà di `dd-mmm-yyyy`, kí orúkọ oṣù lè máa hàn kedere. Ẹ yí ètò Region inú Windows padà pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó bá kọ ọjọ́ tuntun lọ́la á tún kó sínú ọ̀fìn kan náà.

Tíṣà èdè, Oǹdó: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé «apẹ́» kò tọ́ ni?

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: Bí ó bá jẹ́ orúkọ lásán, mi ò ní bá yín jà. Ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí ni mo kọ̀. Èèyàn ló ń yan ibi tí iṣẹ́ dé: Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Ó ń lọ, Ó dúró, Ó parí. Pípẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yàn. Iṣẹ́ tó ń lọ lè pẹ́, èyí tó dúró náà lè pẹ́. Bí ẹ bá yan «Ó ti pẹ́» fún àtúnṣe kòtò àdúgbò, a kò tún ní mọ̀ bóyá wọ́n ti ń ṣe é àbí wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá sì sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, «Ó ti pẹ́» á ṣì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi rántí yí i. Fọ́múlà ni kó máa sọ pé ó pẹ́.

Mo tún ta ko «ọjọ́ ìparí». Ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí a dá fún iṣẹ́, àti ọjọ́ tó parí lóòótọ́. Bí orí òpó bá jẹ́ «Ọjọ́ ìparí», ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kọ ti àkọ́kọ́ síbẹ̀, ìdajì á kọ ti èkejì. Gbèdéke ni kí a pe ti àkọ́kọ́, kí a pe èkejì ní «Ọjọ́ tó parí». Òpó yẹn ni fọ́múlà yóò máa wò. Bí ẹ bá to òpó báyìí, A Iṣẹ́, B Ọjọ́ tí a gbé e fúnni, C Lọ́wọ́ ta ni?, D Gbèdéke, E Ibi tó dé, F Ọjọ́ tó parí, G Àkíyèsí, òfin àwọ̀ yóò jẹ́:

```
=AND($D2<>"",$F2="",$D2<TODAY())
```

Ẹ mú A2 dé G200. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ fífà láti A2, torí àpótí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí ni fọ́múlà ń bá lọ. Bí ó bá jẹ́ A1 lẹ bẹ̀rẹ̀ sí, ìlà tó wà lókè iṣẹ́ tó pẹ́ ni yóò máa pọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, kí ẹ yan Use a formula to determine which cells to format, ẹ lẹ fọ́múlà mọ́ ọn, ẹ sì yan àwọ̀ nínú Format. Àmì dọ́là iwájú D àti F ló ń jẹ́ kí gbogbo ìlà pọ́n pọ̀.

Tíṣà èdè, Oǹdó: Mo gbà nípa gbèdéke. Mo sì fẹ́ràn «Lọ́wọ́ ta ni?» ju alábòójútó tèmi lọ, ó ń béèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ojú á ti ẹni tó bá fẹ́ kọ «ìgbìmọ̀» síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kò fi wo òpó E? Bí wọ́n bá ti yan «Ó parí», ó ti tán.

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: Torí àmì ohùn ni. Excel kò bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá ni àbí kékeré, ṣùgbọ́n «Ó parí» àti «O pari» kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi àlàfo kan sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, kò tún bá a mu mọ́, ojú kò sì ní rí i. `=LEN(E2)` á fi í hàn, torí iye rẹ̀ á lé ní ọ̀kan. Ẹ fi Data Validation, List, dí òpó E kí wọ́n máa yan nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da nǹkan kọ láti ibòmíràn tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn á fo ọgbà yẹn kọjá, Excel kò ní dá a dúró. Ọjọ́ inú F kò ní àmì ohùn tó lè ṣì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, Àkúrẹ́: Ó ti ń pọ́n! Ó ku ọ̀kan. A gbé iṣẹ́ kan fúnni ní 9 oṣù Kẹfà, a ní «ọjọ́ karùn-ún òní». Mo kọ `=B2+5`, ó gbé 14 wá. Bàbá alága ní 13 ni àwọn sọ.

Tíṣà èdè, Oǹdó: Bàbá alága ló tọ̀nà. Òní wà nínú kíkà wa. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Excel á ní méje ni.

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: Ẹ dín ọ̀kan kù nígbà náà: `=B2+4`. Ẹ kọ `=TODAY()` sí I1 pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bátìrì aago inú rẹ̀ ti kú máa ń jí pẹ̀lú ọjọ́ ọdún tó ti kọjá, nǹkan kan kò sì ní pọ́n. Ẹ wo I1 kí ẹ tó gbà pé kò sí iṣẹ́ tó pẹ́.

Akápò àjọ ìfowópamọ́, Oǹdó: Dúdú àti funfun ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwa ń tẹ̀. Pupa yẹn á di eérú.

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Tíṣà ti wúlò. Ẹ fi èyí sí H2, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=IF(AND(D2<>"",F2="",D2<TODAY()),"Ó ti pẹ́","")
```

Tíṣà èdè, Oǹdó: Ẹ kọ «Apẹ́» síbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, Àkúrẹ́: Ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá wà ní ìlà yẹn á rò pé òun ni wọ́n ń pè ní apẹ́, màmá. «Ó ti pẹ́» ni mo fi síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbèdéke gan-an ńkọ́? Bàbá alága ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ náà tí iṣẹ́ kò tíì parí, kó pọ́n.

Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Àlàgbàkà: `<=` ni ẹ máa fi dípò `<` tó wà ṣáájú `TODAY()` nígbà náà, nínú fọ́múlà méjèèjì. Èmi ò ní ṣe é, torí títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ gbèdéke ṣì jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà èdè, Oǹdó: Gbèdéke ni ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ kò tíì kọjá.

Akápò àjọ ìfowópamọ́, Oǹdó: Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọjọ́ bá ti pé, owó ti pé nìyẹn. Ẹ̀yìn Bàbá alága ni mo wà.